Kádì Ìdárayá Ogún Ìṣẹ́jú fún Nọ́ọ̀sì Tó Ń Ṣiṣẹ́ Òru

Kádì ìdárayá ogún ìṣẹ́jú jẹ́ bébà líle kékeré kan tí a tẹ ìṣe mẹ́fà sí, pẹ̀lú bí wọn yóò ṣe tẹ̀ lé ara wọn, àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà, àti àmì tí ẹni tó ń ṣe é yóò rí tí yóò fi dáwọ́ dúró. Ohun èlò tó bá a rìn ni rọ́bà ìdárayá pẹlẹbẹ kan, tó gùn tó mítà 2, tó sì ṣeé ká sínú àpò aṣọ iṣẹ́. Bí a bá ṣe é fún nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, ó gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a ṣe fún ẹni tó ń fi òru sùn. Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti aago 8 alẹ́, tó ti pín oògùn, tó ti wọn ìfúnpá, tó sì ti yí aláìsàn padà lórí ibùsùn, kò ní ọkàn tí yóò fi máa ro iye ìgbà tó yẹ kí ó fa rọ́bà tàbí ìṣe tó kàn. Iṣẹ́ kádì ni láti ṣe gbogbo ìpinnu yẹn sílẹ̀ nígbà tí ojú ṣì dá.

Àkókò tó yẹ àti èyí tí kò yẹ

Ara ní aago tirẹ̀, iṣẹ́ òru kì í sì í tètè yí aago náà padà. Ooru ara máa ń lọ sílẹ̀ jù ní nǹkan bí aago 4 sí 5 ìdájí. Ìgbà yẹn náà ni ojú máa ń wúwo jù, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sì máa ń lọ́ra bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ lójijì. Ìrọ̀lẹ́ ni agbára iṣan máa ń ga, nígbà tí ara ti gbóná dáadáa. Nítorí náà, àkókò ni ohun àkọ́kọ́ tí a ń tẹ̀ sí òkè kádì, ṣáájú ìṣe kankan.

Àkókò tó dára jù ni aago 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì ti jí láti ojú oorun ọ̀sán, kí ó tó wẹ̀, kí ó sì tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Bí ó bá ti jẹ oúnjẹ tó wúwo bí iyán tàbí àmàlà, ó yẹ kí ó fi nǹkan bí wákàtí méjì sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Àkókò kejì ni ìsinmi tó bọ́ sí ṣáájú aago 1 òru. Ìyípo kan péré ni kádì gbà á láàyè láti ṣe nígbà náà, nítorí pé a lè pè é sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn nígbàkúgbà. Láti aago 3 sí 6 ìdájí, rọ́bà kò ní jáde nínú àpò. Kí ó dìde, kí ó rìn ká wọ́ọ̀dù, kí ó gbé gìgísẹ̀ sókè sílẹ̀ ní ìgbà díẹ̀, ó tó. Lẹ́yìn tí ó bá fa iṣẹ́ lé àwọn ti òwúrọ̀ lọ́wọ́, ilé àti ibùsùn ló kàn.

Ìlànà kan wà tó borí gbogbo èyí. Bí ìsinmi òru bá jẹ́ àyè kan ṣoṣo tí nọ́ọ̀sì ní láti fi rẹjú, oorun ni kí ó fi ṣe. Bákan náà, bí oorun tó sùn kí ó tó wá síbi iṣẹ́ kò bá tó wákàtí 5, kádì ní kí ó ṣe ìyípo kan, tàbí kí ó sún un di ọjọ́ mìíràn. Gbólóhùn méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ hàn gbangba lórí kádì, nítorí ẹni tó fẹ́ràn ìdárayá gan-an ni ó máa ń fi í rọ́pò oorun.

Rọ́bà náà fúnra rẹ̀

Irin tí a ń gbé nínú ilé ìdárayá kì í yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Ti rọ́bà yàtọ̀: bí a bá ṣe ń fà á gùn sí i ni ó ń le sí i. Ohun tó sì ń pinnu líle rẹ̀ ni bí gígùn tó wà láàárín ọwọ́ méjèèjì ṣe pọ̀ sí ju bó ṣe wà kí a tó fà á. Bí ẹnì kan bá di rọ́bà mú kí sẹ̀ǹtímítà 60 wà láàárín ọwọ́ rẹ̀, tó sì ya á títí ó fi di 100, ó ti fi 40 kún 60, èyí tí kò tó ìlọ́po méjì. Bí ó bá di rọ́bà kan náà mú ní sẹ̀ǹtímítà 40, tó sì ya á dé 100 bákan náà, ó ti fi 60 kún 40, ìyẹn ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Ibi kan náà ni ọwọ́ rẹ̀ dé ní òpin, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí iṣan ṣe ní ẹ̀ẹ̀kejì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ gidigidi. Ìdí nìyí tí kádì fi ń sọ ibi tí a ó ti di rọ́bà mú, tí kò kàn sọ pé kí a fà á. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fà á kọjá ìlọ́po mẹ́ta gígùn rẹ̀, kí ó má baà já.

Àwọ̀ rọ́bà kò ṣeé gbára lé tán. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ètò àwọ̀ tirẹ̀, rọ́bà pupa ti ọ̀kan sì lè le ju aláwọ̀ ewé ti òmíràn. Ọ̀nà tó dájú láti yan rọ́bà ni láti fi ìṣe kan dán an wò. Èyí tí ẹni náà lè fà ní ìgbà 10 láìjágbà, tó sì mọ̀ pé òun ṣì lè fà ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta sí i, ni tirẹ̀.

Ohun mìíràn wà tó kan nọ́ọ̀sì ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Oje igi rọ́bà ni a fi ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn rọ́bà ìdárayá, òun náà ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìbọ̀wọ́ ilé ìwòsàn. Àwọn tó ti ń wọ irú ìbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ wà lára àwọn tí ara wọn máa ń kọ̀ ọ́. Bí ọwọ́ bá ń yún, bí ara bá lé wúruwùru níbi tí rọ́bà kàn, tàbí bí èémí bá ń dún fíìfíì, kí a gbé e sílẹ̀, kí a sì ra èyí tí a kò fi oje igi rọ́bà ṣe. Àwọn tó bá jẹ́ pé èémí ló kàn gbọ́dọ̀ rí dókítà.

Bí a ṣe pín ogún ìṣẹ́jú

Ní 1953, R. E. Morgan àti G. T. Adamson ní Yunifásítì Líìdì, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ètò kan kalẹ̀ níbi tí ẹni tó ń ṣe ìdárayá yóò ti máa lọ láti ìṣe kan sí òmíràn láìdúró pẹ́, títí yóò fi yí gbogbo rẹ̀ po. Ètò náà ni ọ̀pọ̀ kádì òde òní ṣì ń lò. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ń sinmi. Bí a bá ti to àwọn ìṣe náà dáadáa, ìsinmi kékeré láàárín wọn tó, àkókò kò sì ní ṣòfò.

Bí ó ṣe wà lójú kádì nìyí:

Ìṣẹ́jú 3: ìmúra-sílẹ̀.
Ìṣẹ́jú 6: ìyípo kìíní, ìṣe mẹ́fà. Fi ìṣẹ́jú-àáyá 40 ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, fi 20 sinmi.
Ìṣẹ́jú 1: rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mu omi.
Ìṣẹ́jú 6: ìyípo kejì.
Ìṣẹ́jú 1: rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.
Ìṣẹ́jú 3: ìtura.

Ìmúra-sílẹ̀ kò gba rọ́bà. Ìṣẹ́jú kan ni a fi ń rìn lójú kan, ìkejì ni a fi ń yí apá ká, ìkẹta ni a fi ń jókòó dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í. Ní ìgbà ìtura, a ń fi ọwọ́ ti ògiri kí a lè na ẹ̀yìn ojúgun, a ń na àyà, a sì ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí ọkàn lè padà sí bó ṣe ń lù tẹ́lẹ̀.

Ìyára pẹ̀lú ní òfin. Ìṣẹ́jú-àáyá kan ni a fi ń fà, mẹ́ta ni a fi ń dá a padà. Mẹ́rin ni àpapọ̀ rẹ̀, nítorí náà ìgbà 10 ló wọ inú ìṣẹ́jú-àáyá 40. Ẹni tó bá ka 18 ti jẹ́ kí rọ́bà máa fa ọwọ́ òun padà ni, ó sì ti pàdánù ìdajì èrè iṣẹ́ náà. A ń mí síta nígbà tí a bá ń fà, a ń mí sínú nígbà tí a bá ń dá a padà. Kí a má ṣe sé èémí, nítorí ó máa ń jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sókè lójijì.

Ìṣe mẹ́fà náà

Ìkíní ni fífà sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì yóò jókòó sí etí àga tí kò ní táyà, yóò na ẹsẹ̀ síwájú, yóò fi rọ́bà kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ tí bàtà wà, yóò sì lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó má baà yọ fò mọ́ ojú. Yóò fa ìgúnpá sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà títí ọwọ́ yóò fi dé ẹ̀gbẹ́ ikùn. Ìṣe yìí ń fún iṣan ẹ̀yìn lókun, èyí tó ń rẹ ẹni tó ń tẹ̀ sórí ibùsùn láti ọ̀kan dé òmíràn.

Ìkejì ni jíjókòó dìde. Yóò fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀, yóò gbé àwọn etí rẹ̀ dé èjìká, yóò lọ sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó títí ìdí yóò fi kan àga fẹ́ẹ́rẹ́, yóò sì dìde. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí orókún méjèèjì máa wọ inú síra wọn. Bí nọ́ọ̀sì bá wo ilẹ̀, tí kò sì rí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ níhà inú orókún, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ìkẹta ni títì síwájú. Rọ́bà yóò gba ẹ̀yìn kọjá lábẹ́ apá, yóò di etí rẹ̀ mú níwájú àyà, yóò sì tì í síwájú títí apá yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán. Bí ẹ̀yìn bá ń tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ kí ọwọ́ tó lè lọ, rọ́bà ti le jù.

Ìkẹrin ni títẹ̀ láti ìbàdí, òun ló sì ṣòro kọ́ jù nínú gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ yóò tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀, ọwọ́ yóò di í mú lẹ́bàá orókún. Ìdí yóò lọ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ fi ti ilẹ̀kùn, orókún yóò tẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn yóò sì wà gbọọrọ. Lẹ́yìn náà ni yóò dìde nípa títi ìbàdí síwájú. Iṣan ìdí àti ẹ̀yìn itan ló ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín, àwọn náà ló sì yẹ kó gba ẹrù nígbà tí a bá ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti dìde. Bí nọ́ọ̀sì bá mọ̀ ọ́n ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ju itan lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, kí ó dín bó ṣe ń lọ sílẹ̀ kù.

Ìkarùn-ún ni yíya rọ́bà. Apá méjèèjì yóò nà síwájú ní ọ̀gbọọgba èjìká, yóò sì ya rọ́bà sí ọ̀tún àti òsì títí yóò fi súnmọ́ àyà. Èjìká kò gbọdọ̀ gòkè lọ sí etí. Bí ó bá ń gòkè, iṣan ọrùn ti gba iṣẹ́ mọ́ iṣan ẹ̀yìn èjìká lọ́wọ́, ọrùn tó ti le tẹ́lẹ̀ yóò sì túbọ̀ le.

Ìkẹfà ni ìgbésẹ̀ ẹ̀gbẹ́. Ẹsẹ̀ yóò tẹ rọ́bà, ọwọ́ yóò fi àwọn etí rẹ̀ kọ́ra níwájú orókún, nọ́ọ̀sì yóò sì gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin sí ọ̀tún, mẹ́rin sí òsì. Iṣan ẹ̀gbẹ́ ìbàdí tó ń mú ara dúró gbọọrọ nígbà ìrìn ni èyí ń fún lókun.

Kò sí ìkankan nínú wọn tó gba kí a so rọ́bà mọ́ ilẹ̀kùn tàbí irin ibùsùn. Ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù ń ṣí nígbàkúgbà, ibùsùn sì ń yí lórí táyà.

Àpẹẹrẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Kí a mú nọ́ọ̀sì kan ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ nílùú Ìbàdàn, tó ń ṣiṣẹ́ láti aago 8 alẹ́ sí 8 àárọ̀, láti alẹ́ ọjọ́ Ajé dé alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta ló yàn, ní aago 5 ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Ajé wá ṣáájú òru àkọ́kọ́, nígbà tí ara ṣì le, Àbámẹ́ta sì bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi. Ọjọ́bọ̀ nìkan ló bọ́ sí ẹ̀yìn òru mẹ́ta, nítorí náà ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyípo kan ló lè jẹ́ ti ọjọ́ yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 30 ṣiṣẹ́, ó sì fi 30 sinmi. Ìgbà 7 ló ń rí ṣe nínú ọ̀pọ̀ ìṣe, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó bọ́ sí 40 àti 20. Fífà sẹ́yìn jẹ́ 10, jíjókòó dìde jẹ́ 10, títì síwájú jẹ́ 9. Yíya rọ́bà jẹ́ 6 péré, èjìká rẹ̀ sì ń gòkè láti ìkẹrin. Kádì sọ pé tí iye kò bá tó 8, kí a tú rọ́bà gùn sí i. Ó ti di í mú ní sẹ̀ǹtímítà 40, ó wá sún un di 55. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ṣe 9, èjìká sì dúró sójú kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, fífà sẹ́yìn ti rọrùn jù. Ó ń ṣe 10 nínú ìyípo méjèèjì, ó sì mọ̀ pé òun ṣì lè ṣe mẹ́fà sí i. Ó ká rọ́bà kúrú ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kò sì fọwọ́ kan àwọn ìṣe yòókù. Bí kádì ṣe ń mú agbára pọ̀ nìyí: ìṣe kan lẹ́ẹ̀kan, nípa gígùn rọ́bà, láìfi ìṣẹ́jú kún ogún.

Bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́

Ìwọ̀n bébà tó bá kádì yìí mu ni èyí tí à ń pè ní A5, ìyẹn ìdajì bébà tí a ń kọ lẹ́tà sí. Kí bébà náà nípọn, kí a fi ọ̀rá bò ó lójú méjèèjì, kí a sì gé igun rẹ̀ roboto. Ọ̀rá yìí ṣe pàtàkì ní ilé ìwòsàn, nítorí ohunkóhun tí a ń gbé kiri níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé fi oògùn apakòkòrò nù. Lẹ́tà dúdú lórí funfun ni kí a lò, kí ó tóbi tó èyí tí ẹni tó dìde dúró lè kà nígbà tí kádì wà lórí àga, nínú iná wọ́ọ̀dù tí a ti dín kù.

Ojú kìíní ni àkókò, ìpín ogún ìṣẹ́jú, àti àwòrán ìṣe mẹ́fà. Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ tí kò ju ìlà méjì lọ tó: ohun tí a ó ṣe, àti àmì àṣìṣe. Ojú kejì ni àyè tí a ó ti máa kọ iye àti ibi tí a di rọ́bà mú, pẹ̀lú gègé tó ṣeé nù kúrò. Ìsàlẹ̀ ojú kejì ni a ń kọ ohun tó gbọ́dọ̀ mú ènìyàn dáwọ́ dúró: àyà dídùn, òòyì, ìrora tó gún ní oríkèé, tàbí àpá tàbí ẹsẹ̀ tó ń kú tipiri. Aláboyún àti ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga yóò kọ́kọ́ rí dókítà.

Ìlà kan ló kù fún rọ́bà. Ṣáájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí a wò bóyá ihò kékeré tàbí ibi tó ti ya wà ní etí rẹ̀. Èyí tó bá ní in kò ṣeé lẹ̀, kí a jù ú nù. Kí a bọ́ òrùka kí a tó fà á. Ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ àti omi ni a fi ń fọ̀ ọ́, òjìji ni a ti ń sá a. Oògùn apakòkòrò tó yẹ fún kádì máa ń mú rọ́bà gbẹ, oòrùn sì máa ń jẹ́ kó sán.

Ibi tí agbára kádì mọ

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà rẹ̀ ti 2020, ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá tó ń fún iṣan ńláńlá lókun fún ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ó sì fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe ìdárayá tó ń mú ọkàn lù kíkan díẹ̀, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́. Kádì yìí kájú apá ti iṣan. Kò lè rọ́pò ìrìn, kò sì lè san gbèsè oorun.

Kò sì yẹ kí ó di àwáwí fún gbígbé aláìsàn lọ́wọ́ lásán. Ní 2007, Thomas Waters, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí lórí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ṣírò rẹ̀ pé ìwọ̀n tó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera fi ọwọ́ gbé lára aláìsàn kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí kílò 16 lọ, kódà níbi tí ohun gbogbo bá rọrùn. Àgbàlagbà tó dùbúlẹ̀ wúwo ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Nọ́ọ̀sì tí iṣan rẹ̀ le ṣì nílò aṣọ ìfà, ẹ̀rọ ìgbénisókè àti ẹnìkejì tí yóò bá a gbé e.